Ọjọ́ Tí Ó Wà Lára Káàdì Ni Kí Awakọ̀ Kà

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ni ó gbà pé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ènìyàn bá ti fi ìdánwò gbà nílé, kò sí ibi tí kò ti ní wúlò. Ẹni tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín Kétu àti Kútọnu kò ní rò ó láé pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òfin yóò kà á mọ́ àwọn tí kò ní àṣẹ láti wa ọkọ̀. Síbẹ̀ ọjọ́ náà wà fún ẹni tí ó bá lọ fi ilẹ̀ Faransé ṣe ibùgbé. Òfin fún un ní ọdún kan péré láti fi ìwé ilé rẹ̀ gba ti ibẹ̀. Ohun tí ó ń kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọdún náà ti ń lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilé bí ó ṣe kan ẹni tí ó rìnrìn àjò. Ìwé kan wà tí ẹni tí ó wà ní Párísì gbọ́dọ̀ ní, tí ó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nìkan ni ó lè fún un. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó wà nílé ni yóò sì sábà máa bá a rìn ín. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ náà.

Ohun tí òfin sọ kò ṣòro láti yé ni. Nínú òfin ìrìnnà ilẹ̀ Faransé, wọ́n kọ ọ́ pé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fún ènìyàn lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, láti ọjọ́ tí ẹni náà ti di olùgbé ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọdún náà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ láìṣe ìdánwò kankan. Bí ọdún náà bá ti pé tí kò sì tíì béèrè fún pàṣípààrọ̀, ìwé náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ìwé nìkan ni ó pàdánù, ó pàdánù ẹ̀tọ́ láti wa ọkọ̀ tí ó gba ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: ọjọ́ wo ni ènìyàn di olùgbé? Níbí ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń kà á láti ọjọ́ tí bàálù wọn balẹ̀. Àwọn mìíràn ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀, tàbí láti ọjọ́ tí wọ́n rí iṣẹ́. Fún ẹni tí ó gba káàdì ìgbélùú, kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí káàdì ìgbélùú rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin ń wò. Ọjọ́ náà wà ní kíkọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ nọ́ńbà kà lè rí i.

Ó yẹ kí a mú ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan yẹ̀ wò, kí ọ̀ràn náà lè yé ni. Ká sọ pé ọkùnrin ará Kétu kan lọ bá ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ó sì dé ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ó tọrọ káàdì ìgbélùú, wọ́n sì ní kí ó máa retí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n pè é pé kí ó wá gba káàdì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fi káàdì náà sí àpò, ó sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ní títí di oṣù Kẹfà ọdún tí ń bọ̀ láti pààrọ̀ ìwé ìwakọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n kọ sára káàdì náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó fọwọ́ kan káàdì náà rárá, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́rin ti lọ nínú ọdún rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù fún àwọn oníbàárà, ó sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lójoojúmọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé pé kí ó bá òun wá ìwé tí wọ́n ń béèrè. Ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ó fi ohun gbogbo ránṣẹ́, ó sì ro pé ó kù ju oṣù kan àti ààbọ̀ lọ kí àkókò òun tó pé. Ìdáhùn tí ó gbà kò gùn: ó ti pẹ́ jù. Ọdún rẹ̀ ti pé láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkọ̀ tí ó ń wà lójoojúmọ́ ni ó ń wà láìní àṣẹ, kò sì mọ̀.

Àwọn baba wa sọ pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí ó ní ìwé tòótọ́ ni ó di ẹni tí òfin ń mú. Ìjìyà rẹ̀ kò sì kéré. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láìní ìwé àṣẹ tí ó ṣiṣẹ́ lè san owó ìtanràn 800 yúrò lójú ẹsẹ̀, èyí tí ó lé ní 524,000 nínú owó sẹ́fà. Bí ọ̀ràn náà bá dé iwájú adájọ́, òfin gbà á láyè láti dájọ́ títí dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti 15,000 yúrò. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ asuránsì yóò san owó fún ẹni tí ó farapa, ṣùgbọ́n ó lè padà wá béèrè owó náà lọ́wọ́ awakọ̀. Gbèsè irú èyí lè tẹ̀lé ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Ọkùnrin ará Kétu yìí yóò ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tíì fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀ rí. Apá kìíní ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kóòdù. Ogójì ìbéèrè ni, ó sì gbọ́dọ̀ gba 35, ó kéré tán. Owó rẹ̀ jẹ́ 30 yúrò ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ṣe é. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń béèrè, àwòrán ojú títì ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì ń fi hàn. Apá kejì ni ìdánwò ojú títì. Ìṣẹ́jú 32 ni ó gbà, ó sì gbọ́dọ̀ gba máàkì 20 nínú 31. Àwọn àṣìṣe kan wà tí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti já ènìyàn, bí àpẹẹrẹ kí ènìyàn má dúró níbi tí àmì ìdúró wà. Awakọ̀ àtijọ́ tí ó ti mọ́ lára láti rọra kọjá níbi tí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn, ìdí èyí gan-an ni ó lè fi pàdánù.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin yìí kò ṣàánú. Wọ́n ní ọkọ̀ kan náà ni, ọwọ́ ọ̀tún kan náà ni a fi ń wà á ní Kútọnu àti ní Párísì, kí ló dé tí wọ́n fi ń dá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ padà sí kíláàsì àkọ́kọ́? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo apá kejì pẹ̀lú. Òfin tí ó gba ìwé ilé ènìyàn láìṣe ìdánwò ti ṣe é lóore ńlá. Ọdún kan sì tó fún ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òfin náà ti le jù ni pé kò sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún ènìyàn. Ọ́fíìsì tí ó ń fúnni ní káàdì ní ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta ti mú oṣù mẹ́ta kúrò nínú àkókò onílé káàdì. Ó yẹ kí ó kéré tán fi ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́, kí a kọ ọjọ́ tí àkókò pàṣípààrọ̀ yóò parí sórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ni yóò ná wọn. Títí wọn yóò fi ṣe é, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ ọ́.

Kí ni kí ó ṣe, nígbà náà? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wádìí orílẹ̀-èdè tí ó fún un ní ìwé. Ilẹ̀ Faransé kì í gba pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn tí ó ń gba ìwé tirẹ̀ náà ni ó ń gba tiwọn, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà máa ń yí padà, nítorí náà èyí tí ó wà níta ní ọjọ́ tí ènìyàn fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ ni kí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ó sì yẹ kí àwọn ará Kétu àti ti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń ná ọjà Nàìjíríà kíyè sí i pé orílẹ̀-èdè tí ó fúnni ní ìwé ìwakọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí a bí ènìyàn sí. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó gba ìwé tirẹ̀ ní Èkó, orúkọ Nàìjíríà ni yóò wá nínú àkọsílẹ̀ náà, yóò sì tún fi ẹ̀rí hàn pé òun gbé níbẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí òun gba ìwé.

Ohun kejì ni ọjọ́ tí wọ́n fúnni ní ìwé ìwakọ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí káàdì ìgbélùú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbọ́ pé ìdánwò ilẹ̀ Faransé le, wọ́n á wá sílé fún ìsinmi, wọ́n á gba ìwé ní Kútọnu, wọ́n á sì mú un padà lọ láti pààrọ̀. Owó òfo ni wọ́n ná. Wọ́n yóò fi ọjọ́ méjèèjì wé ara wọn, wọn yóò sì dá ìwé náà padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí wọ́n ń pè ní ti káríayé kò lè gba ipò ìwé ilé. Ìtumọ̀ ìwé ilé lásán ni, kò sì sí ẹni tí ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kẹta ni ìwé tí a sọ níṣàájú, èyí tí ará ilé máa ń bá ni wá. Ìwé ẹ̀rí ni, ó ń sọ pé ìwé ìwakọ̀ náà jẹ́ òótọ́, àti pé wọn kò gba ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀ ni ANaTT, ibẹ̀ ni kí ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Níbí ni aago kejì wà, tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ọdún kan. Ìwé ẹ̀rí náà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ ní ọjọ́ tí ènìyàn fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbà á kí ó tó wọ bàálù, tí káàdì rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó jáde, yóò rí i pé ó ti gbó. Ẹni tí ó bá sì dúró di ìgbà tí ọdún fẹ́ parí, kò ní rí i gbà lásìkò. Ọ̀nà tí ó dára ni kí ó fi ẹ̀dà ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ àti ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fọkàn tán nílé, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó buwọ́ lù pé ẹni náà lè bá òun béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè é pé káàdì ti jáde ni kí ó tẹ ará ilé láago.

Bí ọkùnrin ará Kétu yẹn bá ti ka káàdì rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, bí ọ̀ràn náà ṣe ìbá lọ nìyí. Ìbá ti rí ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ìbá sì ti mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀ ni ó kù. Ìbá ti pe àbúrò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ẹ̀rí tí ó gba oṣù méjì kí ó tó dé, ní oṣù Kẹjọ ni ìbá dé. Ìbá sì ti fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ààbọ̀ ọdún ṣì wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá dá nǹkan kan padà fún un láti tún ṣe, ìbá ti rí àyè tún un ṣe.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bẹ̀ náà ránṣẹ́, ní ojúlé ìjọba tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ants.gouv.fr. Ènìyàn yóò ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ti káàdì ìgbélùú rẹ̀, ti ìwé tí ó fi ibi tí ó ń gbé hàn, àti ti ìwé ẹ̀rí láti ilé. Ó gbọ́dọ̀ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Bí ìwé ìwakọ̀ bá kọ orúkọ kan tí káàdì kọ òmíràn, tàbí tí ọjọ́ ìbí kò bá dọ́gba, ẹni tí ń ka ìwé náà yóò dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ará wa ni orúkọ wọn kò dọ́gba láti ìwé kan sí èkejì. Nílé ni ó ti rọrùn láti tún un ṣe, kí ènìyàn tó gbéra.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀bẹ̀ bá wọlé ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dáhùn. Bí ìdáhùn bá tilẹ̀ pẹ́, ẹni tí ó ti béèrè láàárín ọdún rẹ̀ kò jẹ̀bi. Kí ó tọ́jú ẹ̀rí pé ó ti béèrè. Kí ó má sì fi ojúlówó ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ àfi ìgbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀, nípasẹ̀ lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún. Nígbà tí ìwé náà bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ìfisílẹ̀ sórí ojúlé rẹ̀, òun ni yóò máa fi han ọlọ́pàá. Lára ìyẹn pẹ̀lú, ọjọ́ tí ó parí wà ní kíkọ, kí ó kà á.

Ọ̀ràn ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Ìwé ilé wọn ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí káàdì tuntun tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ọdún kan tiwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbàgbé èyí, nítorí pé wọ́n ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ìjọba tiwa náà ní ipa tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ẹlòmíràn ń fi oṣù mẹ́ta díwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀ kò yẹ kí ó lo oṣù méjì lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó wà ní òkèèrè yẹ kí ó lè béèrè rẹ̀ láti ibi tí ó wà, kí ó sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Ìyẹn ni ohun tí ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó wà ní òkèèrè máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, nítorí owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ẹbí ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú ọkọ̀ tí ọmọ wọn ń wà lọ́hùn-ún.

Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì, iṣẹ́ kan wà tí ó lè ṣe lónìí. Kí ó ní kí wọ́n ka ọjọ́ tí káàdì náà bẹ̀rẹ̀ sí etí òun lórí tẹlifóònù. Kí ó kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri, kí ó sì fi àmì sí oṣù kẹfà lẹ́yìn rẹ̀. Bí oṣù náà bá dé tí ẹ̀bẹ̀ kò tíì lọ, kí ó tẹ aago.